Bí a ṣe ń dá àsansílẹ̀ tí a rà nínú fóònù dúró: ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gba owó ni ká lọ

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí, inú ń bí wọn gan-an. Wọ́n ti ń sanwó lóṣooṣù fún áàpù kan tí wọ́n fi ń kọ́ èdè Faransé, wọn ò sì lò ó mọ́. Wọ́n ṣí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù náà lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n wá ibi tí wọ́n ti lè dá owó náà dúró títí ó fi sú wọn, wọn ò rí nǹkan kan. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa àkáǹtì rẹ́ nìkan ni wọ́n rí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ímeèlì dé pé àkáǹtì ti parẹ́. Wọ́n tún yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì wọlé: owó oṣù mìíràn ti lọ.

"Àkáǹtì ò sí mọ́, áàpù ò sí mọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ta ló wá ń yọ owó mi?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ bi ara rẹ̀, torí pé ẹni tó ń yọ owó ló lè dá a dúró. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi, ká sì tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Ọ̀nà méjì ni owó ń gbà kúrò lọ́wọ́ wa

Tí ẹ bá lọ sórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ kan, tí ẹ tẹ nọ́ńbà káàdì yín síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń yọ owó. Àkáǹtì tí ẹ ní lọ́dọ̀ wọn ni àsansílẹ̀ náà so mọ́, ibẹ̀ náà sì ni ẹ ti máa dá a dúró.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé inú áàpù lórí fóònù ni ẹ wà nígbà tí ẹ rà á, tí pátákó kékeré kan yọ láti ìsàlẹ̀ ojú fóònù, tí ẹ fi ìka tàbí ojú yín jẹ́rìí sí i, ẹlòmíràn ni ẹ bá dòwò pọ̀. Lórí iPhone, Apple ni. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, Google ni, nípasẹ̀ Google Play. Ilé ìtajà áàpù ló ń yọ owó lára káàdì yín, á mú ìpín tirẹ̀, á sì fi ìyókù ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù. Ilé-iṣẹ́ náà kò rí nọ́ńbà káàdì yín rárá. Ohun tí wọ́n ń rí ni ìròyìn pé oníbàárà yìí ti san tàbí kò tíì san.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi ò fi rí bọ́tìnnì kankan lórí ìkànnì. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó bá ṣe dáadáa máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé Apple tàbí Google ló ń bójú tó àsansílẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ń kọ ọ́. Ní ti Apple, kódà tí ẹ bá bẹ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, wọn ò lè bá yín dá a dúró, torí pé kò sí lọ́wọ́ wọn. Google fún àwọn tó ni áàpù ní ọ̀nà láti fagi lé àsansílẹ̀ oníbàárà, ṣùgbọ́n mi ò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ jókòó máa retí wọn, nígbà tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe é ní ìṣẹ́jú méjì.

Pípa àkáǹtì rẹ́ ńkọ́? Dátà yín lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà nìyẹn ń pa rẹ́. Ilé ìtajà áàpù kò mọ̀ sí i. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni Apple ti sọ ọ́ di dandan pé áàpù tó bá ń jẹ́ kí èèyàn ṣí àkáǹtì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó lè pa á rẹ́ láti inú áàpù náà. Òfin tó dáa ni, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí bọ́tìnnì ìparẹ́ rọrùn láti rí ju ibi tí owó ti ń lọ. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe méjèèjì, ẹ dá owó dúró ná, kí ẹ tó pa àkáǹtì rẹ́. Yíyọ áàpù kúrò lórí fóònù náà kò dá owó dúró.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń gba owó

Ẹ má fi ìrántí ṣe é. Èèyàn lè gbà pé inú fóònù lòun ti rà á, kó sì jẹ́ pé bọ́tìnnì inú áàpù náà ló gbé e lọ sórí ìkànnì ilé-iṣẹ́, tó sì jẹ́ ibẹ̀ ló ti tẹ káàdì. Àkọsílẹ̀ báńkì ló máa sọ òótọ́. Tó bá jẹ́ Apple, ohun tí ẹ sábà máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó náà ni `APPLE.COM/BILL`, láìsí orúkọ áàpù kankan. Tó bá jẹ́ Google, ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `GOOGLE *`, kí orúkọ áàpù tàbí ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà nìkan ló wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí ìkànnì ni ẹ ti rà á, ẹ padà síbẹ̀.

Lẹ́yìn báńkì, ẹ wá rìsíìtì nínú ímeèlì yín. Ẹ tẹ `receipt from Apple` tàbí `invoice from Apple` sínú àpótí ìwákiri, tàbí `Google Play`. Nọ́ńbà rìsíìtì Google Play máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `GPA`. Rìsíìtì yìí ṣe pàtàkì ju báńkì lọ, nítorí pé ó ń sọ ohun kejì tí ẹ nílò, ìyẹn àkáǹtì tí ẹ fi rà á.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti dí mọ́ wa lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n ṣí ibi tí àwọn àsansílẹ̀ wà lórí iPhone wọn, wọ́n ṣí i, òfìfo ni. Wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Mo ní kí wọ́n wá rìsíìtì nínú ímeèlì. Wọ́n wá a nínú ímeèlì tí wọ́n ń lò, kò sí. Mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ní ímeèlì mìíràn?" Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n rántí ọ̀kan tí wọ́n ń lò nígbà kan rí. Gbogbo rìsíìtì náà wà nínú rẹ̀, oṣù mẹ́sàn-án, tí wọn ò ṣí ẹyọ kan.

Ohun tó fà á ni pé iPhone lè ní àkáǹtì Apple méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan fún àwòrán àti àwọn nǹkan tí wọ́n ń fi pamọ́, èkejì fún ohun rírà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, inú `Settings` ni ẹ máa lọ, ẹ tẹ orúkọ yín lókè, ẹ tẹ `Media & Purchases`, lẹ́yìn náà `View Account`. Àkáǹtì tó ń ra nǹkan lẹ máa bá níbẹ̀, àwọn àsansílẹ̀ rẹ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ la ti rí ti ẹ̀gbọ́n mi.

Tí àtòjọ náà bá ṣófo tí ẹ kò sì ní àkáǹtì mìíràn, ẹ bi àwọn ará ilé. Níbi tí ẹbí bá ti so àkáǹtì wọn pọ̀, káàdì olórí lè máa sanwó ohun tí ọmọ tàbí ìyàwó rà. Olórí á rí owó tó ń lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó rà á gan-an ló máa wọ àkáǹtì tirẹ̀ láti dá a dúró.

Lórí iPhone

1. Ẹ ṣí `Settings`, ẹ tẹ orúkọ yín tó wà lókè pátápátá.
2. Ẹ tẹ `Subscriptions`.
3. Ẹ tẹ orúkọ àsansílẹ̀ tí ẹ fẹ́ dá dúró.
4. Ẹ tẹ `Cancel Subscription`. Ìgbà mìíràn, ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa ń wà, ẹ fi ìka fa ojú ìwé náà títí ẹ ó fi rí i.
5. Fóònù á bi yín bóyá ó dá yín lójú. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀.

Tí ó bá ti ṣe, ọjọ́ tí àsansílẹ̀ náà máa parí á hàn lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Tí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ kò rí `Cancel Subscription` rárá, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ pupa kan ló ń sọ ọjọ́ tó máa parí, ẹ má dààmú: wọ́n ti dá a dúró tẹ́lẹ̀.

Lórí Android

1. Ẹ ṣí `Play Store`, ẹ tẹ àwòrán yín tó wà lókè lápá ọ̀tún. Tó bá jẹ́ àkáǹtì Google méjì ló wà lórí fóònù, ibẹ̀ ni ẹ ti máa yan èyí tí rìsíìtì dárúkọ.
2. Ẹ tẹ `Payments & subscriptions`, lẹ́yìn náà `Subscriptions`.
3. Ẹ yan àsansílẹ̀ náà, ẹ tẹ `Cancel subscription`.
4. Wọ́n á bi yín nídìí tí ẹ fi ń fi í sílẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ tẹ̀ síwájú, kí ẹ sì tún tẹ `Cancel subscription` ní ojú ìwé tó kẹ́yìn.

Níbi ìbéèrè yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Wọ́n á dáhùn ìbéèrè, wọ́n á rò pé ó ti parí, wọ́n á sì pa fóònù. Kò tíì parí. Àfi tí ojú ìwé náà bá sọ fún yín pé ó ti dúró, tí ó sì dá ọjọ́ ìparí rẹ̀. Àwọn áàpù kan tún máa ń fi `Pause` lọ̀ yín. Ìyẹn á kàn fún yín ní ìsinmi ni. Tí àkókò ìsinmi náà bá tó, owó á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Tí ẹ bá ti pinnu láti fi í sílẹ̀, ẹ má tẹ ìyẹn.

Ẹ lè ṣe é lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù èyíkéyìí tí ẹ bá wọ àkáǹtì Google yín níbi àdírẹ́sì yìí:

```
play.google.com/store/account/subscriptions
```

Tí ẹ bá rà á lórí iPhone kí ẹ tó bọ́ sórí Android, ẹ mọ̀ pé `Play Store` kò lè rí i láéláé. Ọ̀dọ̀ Apple ló ṣì wà, á sì máa yọ owó lọ bí ẹ tilẹ̀ ti ta fóònù yẹn. Ẹ lè yá iPhone tàbí iPad ẹni tí ẹ fọkàn tán, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn kọ̀ǹpútà jù, kí àkáǹtì yín má baà kù sórí ohun èlò ẹlòmíràn. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ fi áàpù `Apple Music` tàbí `Apple TV` síbẹ̀, ẹ wọlé pẹ̀lú àkáǹtì Apple yín, ẹ tẹ orúkọ yín, ẹ yan `View My Account`, kí ẹ wá `Subscriptions`, ẹ sì tẹ `Manage` tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tó yẹ kí ẹ ṣe é

Lílo àsansílẹ̀ tí ẹ dá dúró kì í sábà parí lójú ẹsẹ̀. Owó tí ẹ ti san máa ń gbé yín dé òpin àkókò rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ìdí láti dúró di ọjọ́ ìkẹyìn kí ẹ má baà pàdánù. Ẹ dá a dúró lónìí, kí ẹ sì máa lò ó títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé.

Àkókò ọ̀fẹ́ ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Apple sọ pé kí ẹ dá a dúró ó kéré tán wákàtí 24 kó tó parí. Ká ní ọ̀fẹ́ ọjọ́ méje ni, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù ní agogo mẹ́jọ alẹ́. Ọjọ́ kẹwàá, agogo mẹ́jọ alẹ́, ló máa parí. Ẹ gbọ́dọ̀ ti dá a dúró kí agogo mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án tó lù. Ẹni tó bá sọ pé òun á ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ kẹwàá ti pẹ́, nítorí pé owó lè lọ nígbàkigbà láàárín wákàtí 24 tó ṣáájú òpin náà. Èmi máa ń dá a dúró ní ọjọ́ tí mo bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an, mo sì máa ń lo ọjọ́ tó kù láìsí ìdààmú. Ẹ kàn ṣọ́ra pẹ̀lú ọ̀fẹ́ àwọn nǹkan tí Apple fúnra rẹ̀ ń tà: tí ẹ bá dá ọ̀fẹ́ wọn dúró, wọ́n lè tì í mọ́ yín lójú ẹsẹ̀. Fóònù á kìlọ̀ fún yín kí ẹ tó gbà, ẹ ka ìkìlọ̀ náà.

Tó bá jẹ́ méjì ni ẹ ní

Èyí ṣòro láti rí, ó sì ń ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan ra àsansílẹ̀ lórí ìkànnì pẹ̀lú ímeèlì kan. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó gbé áàpù rẹ̀ sórí fóònù tuntun, ó fi ímeèlì mìíràn wọlé, áàpù náà ní kò tíì sanwó. Ó tẹ bọ́tìnnì ìsanwó, ó fi ìka jẹ́rìí sí i. Látọjọ́ náà, owó méjì ni ó ń san fún ohun kan ṣoṣo, ọ̀kan fún ilé-iṣẹ́, ọ̀kan fún ilé ìtajà áàpù. Tó bá dá ti orí ìkànnì dúró, á gba ímeèlì tó dáa pé ó ti parí, òótọ́ sì ni, àmọ́ èkejì kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Tí owó bá ń lọ lẹ́yìn tí ẹ ti gba irú ímeèlì bẹ́ẹ̀, ẹ wo àkọsílẹ̀ báńkì oṣù kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ lè bá ọjọ́ méjì àti orúkọ méjì níbẹ̀.

Ẹ má fi káàdì jà á

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ni pé kí báńkì ti káàdì wọn pa. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe é. Tí owó kò bá wọlé, àsansílẹ̀ kò tíì kú. Apple lè máa gbìyànjú láti yọ owó fún ọjọ́ 60, tí káàdì mìíràn bá sì wà lórí àkáǹtì náà, ó lè yọ ọ́ níbẹ̀. Gbèsè tó bá wà nílẹ̀ tún lè dí yín lọ́wọ́ láti ra ohun mìíràn. Bọ́tìnnì tó dá a dúró kò gba ìjà kankan.

Owó tó ti lọ

Dídá àsansílẹ̀ dúró àti gbígba owó padà jẹ́ ohun méjì. Ẹ ṣe ti àkọ́kọ́ ná, kí owó mìíràn má tún lọ nígbà tí ẹ ń retí èsì.

Lọ́dọ̀ Apple, ẹ lọ sí `reportaproblem.apple.com`, ẹ wọlé pẹ̀lú àkáǹtì tó rà á. Níbi tó ti kọ `I'd like to`, ẹ yan `Request a refund`, ẹ sọ ìdí, ẹ mú owó tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ẹ sì fi ránṣẹ́. Èsì sábà máa ń dé láàárín wákàtí 48. Tí owó náà ò bá tíì yanjú pátápátá lọ́dọ̀ báńkì, wọn ò ní gba ìbéèrè yín. Ẹ dúró kí ó yanjú, kí ẹ padà wá. Lọ́dọ̀ Google, tí kò bá tíì ju wákàtí 48 lọ tí owó lọ, Google fúnra rẹ̀ ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ lọ bá ẹni tó ni áàpù. Ibí yìí nìkan ni mo ti máa ní kí ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà.

Ẹ má purọ́ nínú ìdí tí ẹ máa kọ. Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ bó ṣe rí: pé àwọn ti pa àkáǹtì rẹ́ ní ọjọ́ báyìí, àwọn ò sì mọ̀ pé owó kò tíì dúró. Wọ́n dá owó oṣù tó kẹ́yìn yẹn padà fún wọn. Oṣù mẹ́jọ tó ṣáájú rẹ̀, wọn ò béèrè rẹ̀, torí pé wọ́n ṣì ní àkáǹtì náà nígbà yẹn.

Kí a tó sọ̀rọ̀ tán lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kí wọ́n ya àwòrán ojú fóònù tó ń fi ọjọ́ ìparí hàn, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ ìsanwó tó kàn sórí kàlẹ́ńdà. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, wọ́n wo àkọsílẹ̀ báńkì láàárọ̀, wọ́n tún wò ó lọ́jọ́ kejì. Kò sí `APPLE.COM/BILL` kankan níbẹ̀.